Méje fún Òjò, Márùn-ún fún Ẹ̀ẹ̀rùn: Ìtàn Háíkù àti Kíka Sílébù ní Ìbàràpá

Háíkù ni ewì tó kúrú jù lọ tí mo mọ̀. Ìlà mẹ́ta péré ni. Ìlà kìíní ní sílébù márùn-ún, èkejì ní méje, ẹ̀kẹta tún ní márùn-ún. Tí a bá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, mẹ́tàdínlógún ni. Ilẹ̀ Jàpáànù ló ti wá, ṣùgbọ́n ní tẹ́ẹ̀mù kejì ọdún yìí ó dé kíláàsì wa ní Ìgbò-Ọrà, nígbà tí olùkọ́ wa ní kí olúkúlùkù kọ háíkù márùn-ún tó tẹ̀ léra wọn lórí àwọn àsìkò inú ọdún. Wọ́n ní ẹni tó bá fẹ́ kọ ọ́ ní èdè Yorùbá lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ìwé tí a ń lò fi àpẹẹrẹ hàn wá: ìgbà ìrúwé, ìgbà ooru, ìgbà ìwọ́wé, àti ìgbà òtútù tí yìnyín ń bo ilẹ̀. Mẹ́rin ni àsìkò inú ìwé náà. Méjì ni tiwa.

Àwọn kan nínú wa kọ nípa yìnyín bí ìwé ṣe wí. N kò bá wọn jà, ṣùgbọ́n ó pa mí lẹ́rìn-ín, nítorí pé yìnyín kì í ṣe àjèjì ní Ìbàràpá rárá. Òjò alágbára àkọ́kọ́ nínú ọdún máa ń jù ú sórí páànù nígbà mìíràn, àwa ọmọdé a sì sáré ṣa á jẹ. Ìgbà tí ooru mú jù lọ ni tiwa ń bọ́, kì í ṣe ìgbà òtútù. Ọ̀rọ̀ kan náà ni, àsìkò rẹ̀ ló yàtọ̀.

Ìbéèrè tí mo fẹ́ dáhùn nìyí: ṣé ewì tí wọ́n dá sílẹ̀ fún ọdún onígbà mẹ́rin lè gba ọdún onígbà méjì, tàbí a óò kàn máa yá ohun tí ojú wa kò rí rí? Kí n tó dáhùn, mo ní láti padà sínú ìtàn, nítorí pé àwọn ará Jàpáànù fúnra wọn ti bá irú wàhálà yìí pàdé rí.

Ní ayé àtijọ́, háíkù kì í dá dúró. Àwọn akéwì máa ń jókòó pọ̀ láti kọ ewì gígùn kan tí wọ́n ń pè ní réńgà. Ẹnì kan á dá ìlà mẹ́ta àkọ́kọ́, ẹlòmíràn á fi ìlà méjì gbè é, ẹni tó tẹ̀ lé e á tún fi mẹ́ta lé e, bẹ́ẹ̀ ni wọn yóò máa lọ. Ó jọ bí a ṣe ń lé orin tí àwùjọ ń gbè nílé wa, àfi pé nínú réńgà, elégbè kì í tún ohun tí ẹni àkọ́kọ́ wí wí. Ìlà mẹ́ta tó ṣáájú ni wọ́n ń pè ní hókkù. Iṣẹ́ rẹ̀ dà bí iṣẹ́ ẹni tó ń kí àlejò lẹ́nu ọ̀nà: ó gbọ́dọ̀ fi hàn pé àkókò báyìí ni a wà, ohun tó wà níta nìyí. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ àsìkò fi di dandan nínú rẹ̀.

Matsuo Bashō, tí wọ́n bí ní ọdún 1644, tó sì kú ní 1694, ló gbé hókkù ga débi pé ènìyàn lè ka òun nìkan kó sì tó o. Síbẹ̀, Bashō kò gbọ́ orúkọ náà háíkù rí bí a ṣe ń lò ó lónìí. Masaoka Shiki, tó gbé ayé láti 1867 sí 1902, ló gé ìlà mẹ́ta náà kúrò lára réńgà pátápátá, tó sì jẹ́ kí orúkọ háíkù mọ́ ọn lórí. Ewì náà ti dàgbà tipẹ́ kí ó tó ní orúkọ tirẹ̀.

Bí ọdún ti ń gorí ọdún, àwọn ọ̀rọ̀ àsìkò náà pọ̀ débi pé wọ́n kó wọn jọ sínú ìwé. Nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ní àsìkò tirẹ̀. Òṣùpá jẹ́ ti ìgbà ìwọ́wé. Ọ̀pọ̀lọ́ jẹ́ ti ìgbà ìrúwé, nítorí náà nígbà tí Bashō kọ ewì rẹ̀ tó lókìkí jù lọ lórí ọ̀pọ̀lọ́ ní 1686, kò nílò láti sọ pé ìgbà ìrúwé ni. Òǹkàwé ti mọ̀. Ìmọ̀ tí akéwì àti òǹkàwé jọ ní yìí ló jẹ́ kí ewì kúrú tó bẹ́ẹ̀ lè gbé ọ̀rọ̀ púpọ̀. Tí ẹ bá mú ọ̀pọ̀lọ́ kan náà wá sí Èrúwà, kò ní sọ nǹkan kan nípa òdòdó ìgbà ìrúwé fún ẹnikẹ́ni. Ohun tí yóò sọ ni pé òjò ti rọ̀ lálẹ́ àná, gbogbo kòtò ti kún, kọ̀ǹkọ̀ kò jẹ́ kí ará ilé sùn.

Ibi tí wàhálà ti dé bá àwọn ará Jàpáànù ni ọdún 1873. Ṣáájú ìgbà náà, òṣùpá ni wọ́n fi ń ka oṣù, ọdún tuntun wọn sì máa ń bọ́ sí ìgbà tí òtútù ń kásẹ̀ nílẹ̀ tí ìrúwé ń bẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1873, ìjọba wọn bẹ̀rẹ̀ sí í lo kàlẹ́ńdà tí àwọn ará Yúróòpù ń lò, èyí tí àwa náà ń lò. Ọdún tuntun já bọ́ sí àárín òtútù. Àwọn ọ̀rọ̀ tó jẹ́ ti ọdún tuntun, tí wọ́n ti ń kà mọ́ ìrúwé láti ọjọ́ pípẹ́, kò mọ ibi tí wọn yóò dúró sí mọ́. Ohun tí àwọn olùṣe ìwé ṣe ni pé wọ́n ya ọdún tuntun sọ́tọ̀ bí àsìkò karùn-ún. Àjọ̀dún kan tún wà tí wọ́n ń pè ní Tanábátà, tó ń bọ́ sí ọjọ́ keje oṣù keje. Lábẹ́ kàlẹ́ńdà àtijọ́, ìgbà ìwọ́wé ni. Lábẹ́ tuntun, oṣù keje jẹ́ ìgbà tí ooru ń mú. Síbẹ̀, títí di òní, inú ìgbà ìwọ́wé ni ìwé ọ̀rọ̀ àsìkò ṣì ń kọ ọ́ sí.

Nígbà tí mo ka èyí, ara mi balẹ̀. Ó túmọ̀ sí pé àsìkò inú háíkù kì í ṣe òfin tó já bọ́ láti ojú ọ̀run. Àwọn ènìyàn ló tò ó, wọ́n sì tún un tò nígbà tí ayé yí padà.

Èkejì ohun tí mo ní láti yẹ̀ wò ni kíka sílébù. Àwọn tó ń kọ háíkù ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ti ń jiyàn tipẹ́ lórí rẹ̀, nítorí pé ohun tí àwọn ará Jàpáànù ń kà kì í ṣe sílébù gan-an bí Gẹ̀ẹ́sì ṣe mọ̀ ọ́n. Ìró kéékèèké ni wọ́n ń kà. Tí fáwẹ́lì bá gùn, méjì ni wọ́n kà á sí. Olú ìlú wọn, Tókíyò, jẹ́ ìró mẹ́rin létí wọn: to, o, kyo, o. Bashō jẹ́ mẹ́ta: ba, sho, o. Kọ́ńsónáǹtì n tó bá parí ègé ọ̀rọ̀ tún gba ìró kan fún ara rẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá tó bá ka gbólóhùn yìí yóò rẹ́rìn-ín músẹ́. Bí a ṣe ń kà á nìyẹn! Nínú dáadáa, sílébù mẹ́rin la ní: dá, a, dá, a. Nínú kọ̀ǹkọ̀, mẹ́ta ni, nítorí pé ǹ tó wà láàárín ń gba ohùn tirẹ̀. Olùkọ́ Yorùbá wa ń pè é ní kọ́ńsónáǹtì aránmúpè aṣesílébù, orúkọ tó gùn ju iṣẹ́ tó ń ṣe lọ. Kódà ọ̀rọ̀ náà gan-an, háíkù, jẹ́ mẹ́ta lẹ́nu wa, mẹ́ta lẹ́nu àwọn tó ni ín, ṣùgbọ́n méjì lẹ́nu Gẹ̀ẹ́sì. Réńgà náà, bẹ́ẹ̀ ló rí. Nítorí náà, ní ti kíka, ọmọ Yorùbá sún mọ́ Bashō ju ọmọ Lọ́ńdọ̀nù lọ.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí a gbọ́dọ̀ ṣọ́ra fún, òun ni ìpajẹ. Nínú èdè wa, tí fáwẹ́lì méjì bá pàdé, ọ̀kan lè jẹ èkejì. Ṣe iṣẹ́ jẹ́ sílébù mẹ́ta, ṣiṣẹ́ jẹ́ méjì. Tí akéwì kò bá pinnu ṣáájú èwo ni òun yóò kọ, ìlà rẹ̀ á dín lẹ́nu ẹni tó ń yára sọ̀rọ̀, á sì pọ̀ lẹ́nu ẹni tó ń fà á. Òfin tí mo fi fún ara mi ni pé bí mo bá ṣe kọ ọ́ sílẹ̀ ni kí a kà á. Ẹ wo èyí àkọ́kọ́ nínú márùn-ún mi, tó jẹ́ ti ọyẹ́:

Ọyẹ́ ti wọlé
ètè ọmọdé ti là
ìyá bu òrí

Ẹ fi ìka kà á: ọ, yẹ́, ti, wọ, lé, márùn-ún. È, tè, ọ, mọ, dé, ti, là, méje. Ì, yá, bu, ò, rí, márùn-ún. Ìlà ìkẹyìn ni mo fẹ́ kí ẹ ṣàkíyèsí. Òrí tí à ń sọ ni èyí tí wọ́n ń fi pa ara nígbà ọyẹ́. Tí ẹnì kan bá pa bu àti òrí pọ̀, yóò di bòrí, ìlà náà á ku sílébù mẹ́rin, ẹni tí kò bá sì fetí sí ohùn dáadáa lè rò pé ìyá ń borí, pé gèlè ló ń wé. Ìpajẹ kan ṣoṣo lè gba òrí kúrò lọ́wọ́ ìyá kó fi gèlè lé e lórí.

Ohun kan tún wà tí Yorùbá fi yàtọ̀. Ọ̀rọ̀ wa kúrú. Ewì yìí ní ọ̀rọ̀ mẹ́wàá nínú sílébù mẹ́tàdínlógún, ọ̀rọ̀ àwọn ará Jàpáànù sì máa ń gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí náà iye kan náà kì í gba tó bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ wọn. Sílébù wa bá tiwọn mu, ṣùgbọ́n ẹrù tó ń gbé wúwo díẹ̀ sí i. Èmi kò rí i bí àléébù.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ̀rọ̀ ọdún wa. Ìbàràpá méje, láti Ìgbò-Ọrà àti Èrúwà dé Ìdèrè, Ayétẹ̀, Tápà, Ìgàngàn àti Lánlátẹ̀, wà ní ibi tí igbó dúdú ti ń parí tí ilẹ̀ ọ̀dàn ti ń bẹ̀rẹ̀. Atẹ́gùn méjì ló ń pín ọdún wa. Èyí tó ń fẹ́ láti orí òkun Àtìláńtíìkì ní gúúsù ló ń gbé òjò wá. Èyí tó ń ti aṣálẹ̀ Sàhárà bọ̀ ló ń gbé ọyẹ́ àti eruku rẹ̀. Ní ọdún tí nǹkan bá lọ bó ṣe yẹ, òjò á múlẹ̀ ní oṣù kẹrin, èyí tí àwọn baba wa ń pè ní Igbe, á sì máa rọ̀ títí oṣù kẹwàá tó ń jẹ́ Ọ̀wàrà yóò fi parí. Oṣù méje nìyẹn. Láti oṣù kọkànlá dé oṣù kẹta jẹ́ ẹ̀ẹ̀rùn. Oṣù márùn-ún.

Méje àti márùn-ún! Àwọn iye méjì tí háíkù ń lò gan-an ni, láìsí ẹni tó fi agídí tò ó bẹ́ẹ̀. Mo mọ̀ pé kì í ṣe nítorí wa ni àwọn ará Jàpáànù ṣe yan márùn-ún àti méje. Ewì wọn àtijọ́, ṣáájú réńgà pàápàá, ti ń rìn lórí iye méjèèjì. Ṣùgbọ́n níwọ̀n ìgbà tó ti bá ọdún wa mu, mo pinnu pé ní tèmi, ìlà onísílébù méje yóò jẹ́ ìlà òjò, ìlà onímárùn-ún yóò jẹ́ ìlà ẹ̀ẹ̀rùn. Ewì ẹ̀ẹ̀rùn yóò wà ní márùn-ún, méje, márùn-ún gẹ́gẹ́ bí ti àtijọ́. Ewì òjò yóò yí i padà di méje, márùn-ún, méje, àpapọ̀ rẹ̀ á sì jẹ́ mọ́kàndínlógún. Àsìkò tó ni ewì ló ní ìlà méjì, èkejì gba ìlà kan láàárín.

Mo bi màmá àgbà mi ní Ìdèrè léèrè kí n tó bẹ̀rẹ̀. Mo ní, “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, oṣù mélòó ni òjò fi ń rọ̀ lọ́dún?” Wọ́n ní, “Ọmọ mi, òjò kì í ka oṣù. Àkọ́rọ̀ ni à ń wò, àti àrọ̀kúrò. Ohun tó bá wà láàárín wọn, oko ni.” Àkọ́rọ̀ ni òjò tó kọ́kọ́ rọ̀, àrọ̀kúrò ni èyí tó ń dágbére. Ẹ rí i pé a ti ní ọ̀rọ̀ àsìkò tiwa, kò kàn sí ẹni tó kó wọn sínú ìwé ni. Èyí tí mo kọ fún àkọ́rọ̀ nìyí:

Òjò kán sí páànù
òórùn ilẹ̀
bàbá ń pọ́n àdá rẹ̀

Páànù jẹ́ mẹ́ta, pá, à, nù, òórùn náà jẹ́ mẹ́ta, ò, ó, rùn. Ẹni tó bá kà wọ́n ní méjì méjì yóò sọ pé ewì náà kò pé. Ìlà onímárùn-ún tó wà láàárín jẹ́ ti ẹ̀ẹ̀rùn lóòótọ́, nítorí pé ilẹ̀ tó ti gbẹ fún oṣù márùn-ún nìkan ló ń rùn bẹ́ẹ̀ tí omi bá kàn án. Ní oṣù kẹfà, òjò á rọ̀ títí, ẹ kò ní gbọ́ òórùn yẹn.

Ibi tí ìgbékalẹ̀ yìí ti wúlò jù lọ fún mi ni oṣù kẹjọ, oṣù Ògún. Àgbẹ̀ gbogbo ní Ìbàràpá mọ̀ pé òjò máa ń dáwọ́ dúró díẹ̀ ní àkókò náà. Ohun tó fà á ni pé agbègbè tí òjò ti ń rọ̀ jù máa ń ṣí kiri pẹ̀lú oòrùn. Ó ń gòkè bọ̀ láti etí òkun, ó kọjá lórí wa, nígbà tó bá sì di oṣù kẹjọ, ó ti dé apá àríwá, ibẹ̀ ni òjò ti ń rọ̀ jù nígbà náà. Nígbà tó bá ń padà sí gúúsù, ó tún gba orí wa kọjá. Ìdí nìyẹn tí a fi ń rí òjò lẹ́ẹ̀mejì, tí a sì ń gbin àgbàdo lẹ́ẹ̀mejì. Òjò, ìsinmi, òjò. Méje, márùn-ún, méje:

Àgbàdo gbó lóko wa
òjò sinmi ná
a tún kọ ebè tuntun

Ná tó wà ní ìparí ìlà kejì jẹ́ ohun tí mo fẹ́ràn. Àwọn ará Jàpáànù ní àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké tí wọ́n fi ń gé háíkù sí méjì, tí kò ní ìtumọ̀ púpọ̀ fúnra wọn, ṣùgbọ́n tí wọ́n ń mú kí òǹkàwé dúró mí. Ná ṣe iṣẹ́ náà láìjẹ́ pé mo yá nǹkan kan.

Ẹnì kan nínú kíláàsì wa sọ pé tí olúkúlùkù bá lè yí iye sílébù padà, háíkù ò ní jẹ́ háíkù mọ́. Ọ̀rọ̀ náà lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ìdáhùn mi ni pé kì í ṣe pé mo yí i padà bó ṣe wù mí. Oṣù ló ń darí mi, ibi tí mo wà ló sì ń darí oṣù. Ẹ wo orílẹ̀-èdè Sẹ̀nẹ̀gà. Ní ìparí àwọn ọdún 1970, aṣojú ìjọba Jàpáànù níbẹ̀, Sono Uchida, tó jẹ́ akéwì háíkù fúnra rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ ìdíje háíkù ní èdè Faransé. Ààrẹ orílẹ̀-èdè náà nígbà yẹn, Léopold Sédar Senghor, jẹ́ akéwì pẹ̀lú. Àwọn tó ń kópa níbẹ̀ ní àsìkò méjì bíi tiwa, ṣùgbọ́n ní Dàkáà òjò kì í rọ̀ ju nǹkan bí oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin lọ. Ẹni tó bá fi méje ṣe ìlà òjò níbẹ̀ parọ́ mọ́ òjò. Ní Màídúgùrì náà, bẹ́ẹ̀ ni. Méje àti márùn-ún tí mo ń lò jẹ́ ti ilẹ̀ yìí àti àwọn ibi tí òjò wọn jọ tiwa.

Ọ̀rọ̀ ìtàn tó dùn mí jù nínú gbogbo èyí ni ti sòbìyà, nítorí pé ọ̀rọ̀ àsìkò ni òun náà rí. Ẹ̀ẹ̀rùn ló ń jà ní Ìdèrè àti àwọn abúlé tó yí i ká. Tí odò kéékèèké bá gbẹ, gbogbo ènìyàn á máa pọn omi láti inú adágún kan náà tó ń fà sẹ́yìn lójoojúmọ́. Nínú omi náà ni kòkòrò tíntìntín kan wà tó gbé ọmọ sòbìyà mì. Ẹni tó bá mu omi náà kò ní mọ nǹkan kan fún nǹkan bí ọdún kan. Lẹ́yìn náà, ní ẹ̀ẹ̀rùn tó tẹ̀ lé e, ẹsẹ̀ rẹ̀ á lé róró, aràn gígùn bí okùn, tó lè tó mítà kan, á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ níbẹ̀. Wọ́n ń fi igi kékeré ká a jáde díẹ̀díẹ̀ fún ọjọ́ púpọ̀. Tí ẹni náà bá lọ fi ẹsẹ̀ tó ń ta á sínú adágún kí ó lè tù ú, aràn náà á tú ọmọ rẹ̀ sínú omi, ẹ̀ẹ̀rùn mìíràn ti ní tirẹ̀ nìyẹn.

Yunifásítì Ìbàdàn ti dá ètò ìlera Ìbàràpá sílẹ̀ ní Ìgbò-Ọrà láti ọdún 1963, àwọn olùwádìí láti yunifásítì náà sì ṣiṣẹ́ ní Ìdèrè lórí sòbìyà, pàápàá ní àwọn ọdún 1980. Fífi aṣọ sẹ́ omi kí a tó mu ún wà lára ohun tí wọ́n kọ́ àwọn ará ìlú. Nígbà tí wọ́n ka àwọn tó ní sòbìyà ní gbogbo Nàìjíríà ní ìparí àwọn ọdún náà, wọ́n lé ní 650,000. Ẹni ìkẹyìn tí wọ́n rí i lára rẹ̀ jẹ́ ti ọdún 2008, Àjọ Ìlera Àgbáyé sì kéde ní 2013 pé Nàìjíríà ti bọ́.

Ká ní wọ́n ti fún ọmọ kíláàsì kan ní Ìdèrè ní irú iṣẹ́ yìí ní 1985, sòbìyà ni ì bá kọ́kọ́ kọ fún ẹ̀ẹ̀rùn, bí ọmọ Jàpáànù ṣe ń kọ yìnyín. Kò sẹ́ni tí ì bá béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ oṣù wo ni. Lónìí, nínú kíláàsì wa, ọ̀pọ̀ kò mọ ohun tí ọ̀rọ̀ náà ń jẹ́. Ọ̀rọ̀ náà ti jáde kúrò nínú ẹ̀ẹ̀rùn, bí ọdún tuntun ṣe jáde kúrò nínú ìrúwé ní 1873. Ibi kan ṣoṣo tí mo ti rí i ni ọrùn ẹsẹ̀ màmá àgbà mi:

Adágún gbẹ tán
ìyá àgbà wo ẹsẹ̀
àpá sòbìyà

Nígbà tí mo kà á sí wọn létí, wọ́n dákẹ́, wọ́n wá ní, “O kò kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọdún yẹn ni n kò lè lọ kó ẹ̀gúsí mi.” Mo ní sílébù ti tán. Wọ́n ní kí n lọ wá òmíràn.

Àwọn ọ̀rọ̀ kan wà tí kò gbà kí a tò wọ́n sí ibì kan. Kajú rọrùn, ẹ̀ẹ̀rùn ló ń so. Àgbàdo tútù jẹ́ ti òjò. Ṣùgbọ́n mángòrò ńkọ́? Ó ń pọ́n láti ìparí ẹ̀ẹ̀rùn, àkọ́rọ̀ á bá a lórí igi, òjò á sì máa gbọ̀n ọ́n sílẹ̀ títí. Èmi fi í sílẹ̀ fún àwọn tó máa ṣe ìwé ọ̀rọ̀ àsìkò Ìbàràpá lọ́jọ́ kan. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìsinmi oṣù Ògún kì í dé lọ́dọọdún. Ọdún mìíràn wà tí òjò kò sinmi rárá, ewì mi kẹta yóò sì jẹ́ irọ́ ní irú ọdún bẹ́ẹ̀.

Ìkarùn-ún jẹ́ ti gbogbo ọdún. Tí a bá ka ọdún láti oṣù kìíní, ẹ̀ẹ̀rùn gba oṣù mẹ́ta, òjò gba méje, ẹ̀ẹ̀rùn tún gba méjì. Mo wá fi sílébù kan fún oṣù kan, méjìlá lápapọ̀:

Iná jó
koríko bo ọ̀nà wa
ọyẹ́

Iná tí mo wí ni ti igbó, tí àwọn ọdẹ àti àgbẹ̀ ń dá nígbà tí koríko bá gbẹ. Ní ọdún tí òjò bá rọ̀ kọjá Ọ̀wàrà wọ oṣù Bélú, mẹ́ta, méje, méjì á di mẹ́ta, mẹ́jọ, ọ̀kan, oṣù Ọ̀pẹ nìkan ni yóò sì kù fún ìlà ìkẹyìn. Ẹni tó bá fẹ́ kọ irú ọdún bẹ́ẹ̀ yóò ní láti wá ọ̀rọ̀ onísílébù kan ṣoṣo tó lè gbé ọyẹ́, eruku àti ètè tó là. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ọ̀rọ̀ orúkọ Yorùbá tó kúrú tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìṣe ló pọ̀. Gbẹ, bóyá.